Àbá mẹ́ta àti ìbéèrè kan: lẹ́tà méjì tí mo kọ sí ẹnì kan náà

Obìnrin kan kọ lẹ́tà sí ibi ìkàwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Ó ní bàbá òun ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ìwé kíkà ni wọ́n sì fi ń najú, pàápàá ìtàn ogun àti ìtàn àwọn ọba ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n kàn ń ṣí ìwé lásán ni, wọn kì í ka ojú ewé kan tán. Wọ́n ń ráhùn pé iná yàrá àwọn kò mọ́lẹ̀ tó. Ìwé ìròyìn, wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ó wá fi ìbéèrè kan kádìí rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ní níbẹ̀ fún irú àwọn bàbá mi?"

Èmi ni lẹ́tà náà já lé lọ́wọ́, torí èmi ni mo ń bójú tó àwọn òǹkàwé tí ojú ń dà láàmú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá obìnrin yìí lóhùn. Ìdáhùn kìíní gùn, kò sì mú nǹkan kan wá. Èkejì kúrú, òun ló sì jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe bàbá. Obìnrin náà gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bí mi ò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìdáhùn kìíní

Wákàtí mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Mo kó gbogbo ohun tí a ní jọ, ó jẹ́ 37. Mo pín in sábẹ́ àkọlé mẹ́fà, mo sì to àwọn àkọlé náà bí a ṣe ń ka a, b, d, kó má baà dà bíi pé mò ń ti ọ̀kan síwájú ju èkejì lọ. Àfọwọ́kà ló ṣáájú, ìyẹn ìwé Bíréélì tí afọ́jú ń fi ìka kà. Awò ló tẹ̀ lé e, oríṣi mọ́kànlá: èyí tí à ń fọwọ́ mú, èyí tó ní iná lára, èyí tí à ń gbé ka orí ìwé, títí dé ẹ̀rọ oníkámẹ́rà tí ń gbé lẹ́tà sójú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà ni Ẹ̀kọ́, Ìfiránṣẹ́, Lẹ́tà ńlá, àti Ohùn. Mo kọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ kún un. Ó kún ojú ewé mẹ́ta. Mo ní kó wo èyí tó bá wù ú nínú wọn, kó jẹ́ kí a mọ̀.

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ọ̀gá mi kà á, ó ní ó kún dáadáa. Èmi náà gbà pé mo ti ṣe iṣẹ́ mi. Mo fi í ránṣẹ́, mo sì kọjú sí iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sí èsì. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé ó ti rí ohun tó ń wá ni, kò kàn rántí dúpẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, obìnrin náà wá dá àwọn ìwé tí ọmọ rẹ̀ yá padà. Mo rí orúkọ rẹ̀ lára káàdì, mo bá bi í bóyá lẹ́tà mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ó dé, ẹ ṣeun púpọ̀. Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Mò ń wá ìgbà tí ọwọ́ mi á dilẹ̀ ni, kí n lè fara balẹ̀ kà á."

Mo ní, bàbá ńkọ́? Ó ní wọ́n ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Ẹ má bínú, ẹ̀yin rò pé bàbá mi ti fọ́jú ni? Mo rí ọ̀rọ̀ àfọwọ́kà lókè pátápátá, àyà mi já. Mo pa á dé nígbà náà."

Ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi hàn mí

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn kò jáde lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà. Èkíní sọ pé lẹ́tà mi ti di iṣẹ́ sí i lọ́rùn. Obìnrin yìí ní ọmọ, ó ní iṣẹ́, ó ní bàbá tí ara wọn kò dá. Ẹni tó kọ ìlà mẹ́fà wá bèèrè ìrànlọ́wọ́, mo fi ojú ewé mẹ́ta ránṣẹ́ sí i pé kó lọ jókòó tì í. Nínú iṣẹ́ wa, òfin kan wà tí S. R. Ranganathan, onímọ̀ ibi ìkàwé ọmọ Íńdíà, fi lélẹ̀ ní 1931, ìkẹrin nínú òfin márùn-ún tó ṣe fún àwọn ibi ìkàwé: dá àkókò òǹkàwé sí. Àtòkọ mi dá àkókò tèmi sí, torí mi ò ní láti pinnu ohunkóhun. Gbogbo ìpinnu náà ni mo yí lé e lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín awò oníná àti awò ìgbékàwé, òun kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé bí mo bá to nǹkan bí a, b, d, mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kì í ka àtòkọ gẹ́gẹ́ bí àtòkọ. Ohun tó bá kọ́kọ́ rí ni yóò gbà pé ó jẹ́ èrò ọkàn ẹni tó kọ ọ́. Ó rí àfọwọ́kà, ó gbọ́ "bàbá rẹ ti fọ́jú." Nínú ohun 37, kò dé orí ìkẹrin.

Ohun kan tún wà tí mi ò rí títí mo fi tún ìwé tirẹ̀ kà. Mo dáhùn ìbéèrè tó kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kọ́ ni ìbéèrè rẹ̀. Ní 1968, Robert Taylor, onímọ̀ ibi ìkàwé, kọ̀wé nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń béèrè nǹkan ní ibi ìkàwé. Ó ní àìní ẹni máa ń gba ìpele mẹ́rin kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó kàn ń ro ni lọ́kàn tí a kò lè fẹnu sọ, ó sì parí sórí ìbéèrè tí ẹni náà ti gé mọ́ ìwọ̀n ohun tó rò pé ibi ìkàwé lè ní lọ́wọ́. "Kí lẹ ní?" jẹ́ ìbéèrè tí wọ́n ti gé bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà kò fẹ́ mọ gbogbo ohun tí a ní. Ó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ tún máa kàwé. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì, ìyàtọ̀ náà sì pọ̀. Kò kàn mọ bí yóò ṣe béèrè rẹ̀ ni, torí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ láti béèrè.

Ẹni tó bá gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Àtòkọ gígùn máa ń ṣe bí ẹni pé ó ti parí. Ó sọ gbogbo nǹkan tán, kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti sọ tirẹ̀. Bí obìnrin náà tilẹ̀ kà á dé ìparí, kí ni ì bá fi dá mi lóhùn? "Ẹ ṣeun" nìkan ló kù.

Ìdáhùn kejì

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má wulẹ̀ ka lẹ́tà yẹn mọ́. Mo ní kó tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, yóò rí ìwé mìíràn gbà, kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìwé náà nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú bàbá. Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ ká kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Èkíní, ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá tẹ̀: a ní ìtàn ogun nínú wọn. Èkejì, fìtílà àfigbéka-tábìlì tí wọ́n lè fà sún mọ́ ìwé, kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí ojú ewé, kó má bọ́ sójú wọn. Ẹ lè dán èyí wò nílé lónìí, ẹ kò nílò wa. Ẹ̀kẹta, ìwé tí ẹlòmíràn ti kà sínú ẹ̀rọ, tí bàbá á kàn máa tẹ́tí sí. A ní àwọn nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n lè dúró.

Kí n lè mọ èyí tó bá wọn mu, ẹ bá mi béèrè ohun kan lọ́wọ́ wọn: bí wọ́n bá ń wo ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé, ṣé gbogbo rẹ̀ ló ṣú bàìbàì, àbí ààrin rẹ̀ ló ń sọnù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì hàn? Èmi kì í ṣe dókítà, ìwé tí màá fún wọn ni mo fi ń béèrè."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbà mí tó ogójì ìṣẹ́jú láti kọ ọ́, mo sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ pinnu ohun tí màá yọ kúrò.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi mú mẹ́ta wọ̀nyí, torí kì í ṣe pé àwọn ni wọ́n dára jù nínú 37. Mo mú wọn torí wọ́n jìnnà síra wọn. Ìwé onílẹ́tà ńlá wà fún ojú tó ṣì ń rí gbogbo ọ̀rọ̀, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ ti kéré jù fún. Lẹ́tà ìwé lásán kì í sábà ju pọ́ìntì 10 sí 12 lọ, ti ìwé onílẹ́tà ńlá sì máa ń jẹ́ 16 sí 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Fìtílà wà fún ojú tí ìmọ́lẹ̀ ni kò tó o. Ẹ̀rọ wà fún ojú tí kò ní lè ka lẹ́tà, bó ti wù kó tóbi tó. Bí obìnrin náà bá gba èyíkéyìí nínú wọn tàbí tó kọ̀ ọ́, màá mọ apá ibi tó yẹ kí n kọjú sí. Ká ní mo fi oríṣi awò mẹ́ta ránṣẹ́ sí i ni, ìdáhùn rẹ̀ kò ní kọ́ mi ní nǹkan kan ju awò tó wù ú lọ. Àbá tó bá jọra wọn, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ méjì péré, kò sàn ju àtòkọ gígùn lọ.

Ìbéèrè náà pẹ̀lú ní ìdí tirẹ̀. Ojú tí lẹ́ńsì inú rẹ̀ ń di funfun máa ń ṣú bàìbàì káàkiri, bí ẹni ń wo nǹkan láti ẹ̀yìn gíláàsì tí ooru bò. Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní gilakómà sábà máa ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú ṣáájú. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí í mú àwọn àgbà, tó ń ba ààrin gbùngbùn awọ ẹ̀yìn ojú jẹ́, ibi tí a fi ń kàwé gan-an. Ẹni tó bá ní in lè rìn yí ilé ká láìkọlu nǹkan, kó sì má lè ka gbólóhùn kan. Ìráhùn bàbá nípa iná ló jẹ́ kí n béèrè, torí ẹni tí ààrin ojú rẹ̀ ń lọ máa ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbólóhùn nípa iná yẹn wà nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́. Mo kà á nígbà náà, mo sì fi nǹkan 37 bò ó mọ́lẹ̀.

Èsì

Èsì dé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

"Ààrin ni. Bàbá ní bí àwọn bá tẹ ojú mọ́ ọ̀rọ̀ kan, ó ń sá lọ. Wọ́n ní ìlà inú ìwé ìròyìn ń ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ bí ejò. Fìtílà ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ kọ́, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ń kàwé fún."

Ẹ wo bí ohun tó wà nínú ìlà mẹ́rin yẹn ti pọ̀ tó. Fìtílà, ó dára, àmọ́ kò tó. Ẹ̀rọ, bàbá kọ̀ ọ́, wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀: ọ̀rọ̀ iyì ni, kì í ṣe pé wọn kò lè lò ó. Gbólóhùn tó mú mi dìde lórí àga ni ti ìlà tó ń ṣẹ́ bí ejò. Mi ò béèrè ìyẹn. Ó sọ ọ́ torí àyè wà fún un láti sọ ọ́.

Bí ìlà gbọọrọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ lójú ẹni, bóyá ìlà ìwé ni tàbí etí ilẹ̀kùn, ó lè jẹ́ àmì pé oríṣi àìsàn ààrin ojú yẹn tó ń yára ba ojú jẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú oríṣi yìí, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké máa ń hù lẹ́yìn ojú níbi tí kò yẹ, wọn á sì máa jò. Abẹ́rẹ́ kan wà tí dókítà ojú ń gún sínú ẹyinjú láti dá a dúró, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti bàjẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó dé kì í sábà padà bọ̀ sípò tán. Nítorí náà, mo pa ọ̀rọ̀ ìwé tì. Lẹ́tà mi kẹta jẹ́ gbólóhùn mẹ́ta: ẹ mú bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú láàárín ọjọ́ méjì yìí, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìlà tó ń ṣẹ́ yẹn fún wọn gẹ́lẹ́ bí bàbá ṣe sọ ọ́, ìwé á dúró dè wọ́n.

Dókítà rí i pé ojú ọ̀tún ti ní oríṣi tó ń jò yẹn. Ojú òsì ní èyí tí ń rọra wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni lẹ́tà mi gígùn fi wà nínú àpótí obìnrin yìí láìkà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí ojú ọ̀tún bàbá pàdánù nínú ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà, bóyá díẹ̀ ni, bóyá ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ìwé ni wọ́n ní kí n wá, wọn kò ní kí n ṣàyẹ̀wò ojú. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Bí ìwé ṣe padà dé ọwọ́ bàbá

Nígbà tí abẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, a padà sórí ohun tó gbé wa pàdé. Ìwé onílẹ́tà ńlá ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo, torí bàbá kò tíì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ tí wọ́n fi ibi tó ṣì dára wò ó. Wọ́n lè fi ka àkọlé àti lẹ́tà ilé. Ìwé onígba ojú ewé kò ṣeé fi ìyẹn kà.

Ẹ̀rọ ló kù, èyí tí wọ́n kọ̀. Mi ò fi oríṣi ẹ̀rọ márùn-ún tí a ní hàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ iyì ni mo gbé yẹ̀ wò. Mo kọ̀wé sí obìnrin náà pé ẹ̀rọ tí mo ń sọ kì í ṣe ti ọmọdé: ìwé ìtàn ogun kan, tó gùn tó wákàtí mọ́kàndínlógún, ni mo ní lọ́kàn, bàbá ló sì máa fúnra wọn ṣí i, tí wọ́n á pa á, tí wọ́n á sì padà sí orí tó bá wù wọ́n. Mo ní kó mú ọ̀kan nínú méjì: ẹ̀rọ tó ní bọ́tìnnì ńláńlá tí ìka lè mọ̀ láìwò ó, tàbí fóònù bàbá fúnra wọn. Wọ́n mú ẹ̀rọ oníbọ́tìnnì.

Ẹ̀rọ náà ń lo ìlànà tí wọ́n ń pè ní DAISY, èyí tí àwọn ibi ìkàwé afọ́jú láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ para pọ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ní 1996. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìwé inú rẹ̀ ní orí àti ìpín tí a lè fò sí, ẹ̀rọ sì máa ń rántí ibi tí a dúró sí. Bàbá sùn lọ lórí ogun kan lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan, wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orí náà. Ọmọ wọn ní ìgbà yẹn ni àwọn gbọ́ tí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí mọ

Àwọn kan á sọ pé ìwádìí ti fi hàn pé yíyàn púpọ̀ ń da ènìyàn láàmú. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní 2000, Sheena Iyengar àti Mark Lepper tẹ ìwádìí jáde. Nínú ìkan lára àwọn àdánwò wọn, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ kan tí kì í ṣe dandan, kó lè gba máàkì kún máàkì. Àwọn kan rí orí ọ̀rọ̀ 6 láti mú ọ̀kan, àwọn yòókù rí 30. Nínú àwọn tó rí 6, ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ ọ́; nínú àwọn tó rí 30, ìdá 60 ni. Ṣùgbọ́n ní 2010, Benjamin Scheibehenne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ irú àdánwò bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ní 2015 ni Alexander Chernev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ibi tí ìyàtọ̀ náà máa ń wà: níbi tí àwọn ohun tí a ń yàn láàárín wọn bá ta kókó, tí yíyàn fúnra rẹ̀ bá ṣòro, tí ẹni náà kò bá tíì mọ ohun tó wu òun, tàbí tó bá fẹ́ yàn láìfi ara ṣe wàhálà púpọ̀.

Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yìí. Kò mọ ìyàtọ̀ awò sí awò. Àkókò kò sí. Kò mọ ohun tí bàbá rẹ̀ yóò gbà. Kò sì fẹ́ fi wàhálà mìíràn kún tirẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bá a mu.

Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń béèrè bá ti mọ ohun tó ń wá, àtòkọ gígùn lo yẹ kí o fún un. Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn èyí, òṣìṣẹ́ ibi ìkàwé mìíràn kọ̀wé sí wa pé àwọn fẹ́ dá irú ẹ̀ka tiwa sílẹ̀, kí ni a ní? Gbólóhùn kan náà ni. Mo fi ojú ewé mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ sí i láìyọ lẹ́tà kan kúrò, ó sì dá mi lóhùn pẹ̀lú ìbéèrè lórí ìkẹrìnlá àti ìkọkànlélógún. Ó mọ nǹkan tó ń wò. Bákan náà, bí ohun tí a ń sọ bá jẹ́ ẹ̀tọ́ tí ẹni náà lè pàdánù bí kò bá gbọ́ nípa rẹ̀, kò yẹ ká fi í pamọ́ nítorí pé a fẹ́ kí lẹ́tà kúrú. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú lẹ́tà kejì pé a ní àwọn nǹkan mìíràn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni náà á rò pé ohun mẹ́ta ni gbogbo ayé ní fún bàbá òun, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì kùnà, á jáwọ́.

Ewu kan tún wà nínú lẹ́tà kúkúrú tí mo ń ṣọ́ra fún. Ẹni tó bá ń mú mẹ́ta nínú 37 ti gba agbára ńlá. Ó rọrùn láti mú èyí tó wà nítòsí, tàbí èyí tí kò ní fún wa níṣẹ́ ṣe. Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé kí n tó mú àbá kankan, mo máa ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà ẹni náà tó mú mi rò ó. Bí mi ò bá rí ọ̀rọ̀ tí màá fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, àbá yẹn kò tíì tọ́ sí i. Nínú lẹ́tà obìnrin yìí, "iná" gbé fìtílà àti ìbéèrè mi dúró, "ojú ewé kan" gbé lẹ́tà ńlá dúró, "ìtàn ogun" sì gbé ẹ̀rọ dúró. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tó gbé àfọwọ́kà dúró.

Mo tún ń kọ ọjọ́ tí mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́rin bá kọjá láìsí èsì, mi ò tún gbà mọ́ pé ẹni náà ti rí ohun tó ń wá. Mo máa ń kọ gbólóhùn kan péré sí i: "Ṣé ìbéèrè mi kò yé ni, àbí kò sí èyí tó bá yín mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" Ọ̀pọ̀ ló máa ń dáhùn pé kò sí èyí tó bá àwọn mu, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, lẹ́tà obìnrin náà tún dé. Bàbá ti tẹ́tí sí ìwé mẹ́sàn-án. Wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ojú ọ̀tún kò tíì burú sí i. Ó ní ẹsẹ̀ ti ń dun bàbá, iṣẹ́ òun sì ti pọ̀ sí i, òun kò lè máa wá pààrọ̀ ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ́. "Ẹ ní ẹ ní àwọn nǹkan mìíràn nígbà yẹn. Ṣé èyí tó lè ràn wá lọ́wọ́ wà nínú wọn?"

Ó wà níbẹ̀, ìkejìlélógún ni, lábẹ́ Ìfiránṣẹ́, lójú ewé kejì lẹ́tà tí kò kà. Mo kọ ìlà mẹ́rin sí i: a máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sílé fún ẹni tí ojú tàbí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó wá, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, a sì máa ń wá gbà wọ́n padà. Mo bi í ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni ènìyàn máa ń wà nílé láti ṣílẹ̀kùn. Ó ní bàbá fúnra wọn ló máa ṣí i.